Iye Àárín: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjà Dípò Ọtí Nígbà tí Owó Ìrajà Kò Dúró Sójú Kan

Iganmu ni wọ́n ti gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries wà títí di òní, ní Abebe Village Road. Ẹni tó bá ní dípò ọtí lágbègbè yìí kò jìnnà sí ibi tí ọjà rẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ìtòsí kì í mú kí iye owó dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí wọ́n ń pè ní nǹkan bí ₦470 lójú ìwé ìjọba sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦1,500 kí ọdún tó yípo. Mọ́ọ̀tì, ìdérí ìgò, dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀ ló gbówó lórí. Láti ìgbà náà ni onídípò ti mọ̀ pé iye tó wà lórí ínfọ́ìsì ọ̀sẹ̀ yìí lè má jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ yanjú nìyí. Ká ní 80 kéréètì bíà ló wà nílẹ̀ ní dípò kan, ₦8,000 ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ já 120 mìíràn sílẹ̀, ₦9,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oníbàárà dé, ó ra 150. Ìyá tó ni dípò wá bi ọmọ tó ń bá a tajà pé, "Ṣé àwọn tàtijọ́ lo kó fún un, àbí àwọn tuntun?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Mọ̀mí, àwọn tó wà lókè ni mo gbé. Gbogbo ẹ̀ ló jọra, mà." Òtítọ́ ló sọ. Ìgò kan náà, ọtí kan náà, kéréètì kan náà ni. Èwo nínú wọn ló wá jáde, ti ₦8,000 ni tàbí ti ₦9,000? Bí a kò bá mọ èyí, a kò lè mọ èrè tó wà lórí 150 tó lọ, a kò sì lè mọ iye tí 50 tó kù tó.

Iye àárín oníwọ̀n ni ìdáhùn tí mo fara mọ́ fún irú ọjà báyìí. Ó gbà pé bí ọjà tó jọra bá ti wọ inú sítọ́ọ̀ kan náà, owó tí a fi rà wọ́n ti papọ̀ bí omi ìkòkò méjì tí a dà sínú àgbá kan. Kò sí kéréètì àtijọ́ mọ́, kò sí tuntun. Gbogbo owó tó wà nínú ọjà náà ni a ó pín sí gbogbo kéréètì tó wà nílẹ̀, ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. 80 ní ₦8,000 jẹ́ ₦640,000. 120 ní ₦9,000 jẹ́ ₦1,080,000. Àpapọ̀ owó jẹ́ ₦1,720,000, àpapọ̀ kéréètì jẹ́ 200, nítorí náà ₦8,600 ni kéréètì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kò ju pé wọ́n ń da iye méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì pín in sí méjì: ₦8,000 àti ₦9,000, àárín wọn ₦8,500. Ìyẹn kò ka bí ọjà ti pọ̀ tó mọ́ ọn rárá. Àwọn tuntun ló pọ̀ jù nílẹ̀, ó sì yẹ kí iye wọn fa àárín sọ́dọ̀ ara wọn. Bí ẹ bá fi ₦8,500 ṣírò 150 tó jáde, ẹ ó kọ ₦1,275,000. Bí ẹ bá fi ₦8,500 kan náà ṣírò 50 tó kù, ẹ ó kọ ₦425,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦1,700,000. Ṣùgbọ́n ₦1,720,000 lẹ kó sínú ọjà náà. ₦20,000 ti pòórá nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan. Ẹ fi èyí ṣe òṣùwọ̀n yín: owó ọjà tó jáde pẹ̀lú owó ọjà tó kù gbọ́dọ̀ bá owó tó wọlé dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ìṣirò náà kò péye.

Ohun tó yẹ kó wọ inú owó kéréètì

Kí a tó pín ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ mọ owó tí à ń pín. Iye tó wà lórí ínfọ́ìsì nìkan kọ́ ni. Owó ọkọ̀ tó gbé ọjà wá sí dípò àti owó àwọn aláàárù tó já a sílẹ̀ jẹ́ ara iye tí ọjà náà ná yín, nítorí láìsí wọn, ọjà náà kò lè dé ibi tí ẹ ti fẹ́ tà á. Nínú àpẹẹrẹ wa, ínfọ́ìsì 120 kéréètì yẹn kọ ₦8,900 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ₦1,068,000. Owó ọkọ̀ àti ìjájà jẹ́ ₦12,000. Ibẹ̀ ni ₦1,080,000 ti wá, ibẹ̀ náà ni ₦9,000 ti wá. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tí ẹ san láti gbé ọjà lọ fún oníbàárà kò sí nínú rẹ̀, owó ìtajà nìyẹn. Owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, bí ẹ bá lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà, kò gbọ́dọ̀ wọ inú iye kéréètì. Bí ẹ kò bá lè gbà á padà, ó ti di ara iye tí ẹ fi rà á.

Ẹ̀dínwó pẹ̀lú ní ibi tó ń wọ̀. Bí ilé iṣẹ́ tàbí alágbàtà bá fún yín ní kéréètì ọ̀fẹ́, bíi ẹyọ kan lórí ogún tí ẹ rà, àwọn kan a máa kọ kéréètì ọ̀fẹ́ yẹn sílẹ̀ ní iye tí wọ́n fi ra ìyókù, bíi pé wọ́n rà á. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ́ rárá, wọ́n á kàn tà á, wọ́n á fi owó rẹ̀ sápò. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ ka kéréètì náà mọ́ iye ọjà tó wọlé, kí ẹ má sì fi kọ́bọ̀ kan kún owó. Àárín fúnra rẹ̀ yóò sì wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Èyí tó ń da dípò rú jù lọ ni owó ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ ra bíà onígò láìní òfìfo tí yóò fi pààrọ̀ gbọ́dọ̀ san owó ìgò àti kéréètì lọ́tọ̀. Ká sọ pé 110 òfìfo ni dípò wa ní nígbà tó ń ra 120, tó sì san ₦3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́wàá tó kù. ₦30,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá kà á mọ́ owó ọtí, àpapọ̀ yóò di ₦1,750,000, àárín yóò sì fò sí ₦8,750. Kéréètì kọ̀ọ̀kan ti gbé ₦150 tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí. Ọtí ni oníbàárà ń mu, ìgò ń padà bọ̀. Owó ìgò jẹ́ owó tí ẹ fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òfìfo ni yóò sì gbà á padà fún yín. Ẹ ya ìwé tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí iye òfìfo àti owó orí wọn wà níbẹ̀, kí ó má ṣe kan káàdì ọtí rárá. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí dípò tó ń rò pé èrè òun kéré, tó sì jẹ́ pé owó ìgò ló ń jẹ ẹ́ nínú ìwé.

Káàdì oṣù kan

Oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. Bíà ìgò ńlá, ìgò kékeré àti ti agolo kò gbọ́dọ̀ pàdé lórí káàdì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lára wọn. Káàdì kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀ lé níhìn-ín, ti ìgò ńlá oní 12 nínú kéréètì. Àwọn iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ, ẹ fi iye tiyín rọ́pò wọn.

| Ọjọ́ | Wọlé | Owó tó wọlé | Jáde | Owó tó jáde | Kéréètì tó kù | Owó tó kù | Iye àárín |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| 1 | | | | | 80 | ₦640,000 | ₦8,000 |
| 5 | 120 | ₦1,080,000 | | | 200 | ₦1,720,000 | ₦8,600 |
| 9 | | | 150 | ₦1,290,000 | 50 | ₦430,000 | ₦8,600 |
| 14 | 105 | ₦1,011,500 | | | 155 | ₦1,441,500 | ₦9,300 |
| 20 | | | 115 | ₦1,069,500 | 40 | ₦372,000 | ₦9,300 |
| 25 | 60 | ₦643,000 | | | 100 | ₦1,015,000 | ₦10,150 |
| 29 | | | 70 | ₦710,500 | 30 | ₦304,500 | ₦10,150 |

Ẹ wo ọjọ́ kẹsàn-án. 150 jáde, àárín kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí nígbà gbogbo: títà kì í yí iye àárín padà, nítorí iye àárín gan-an ni kéréètì tó lọ gbé lọ. Rírà ló ń yí i padà. Bí ẹ bá rí àárín tó yí ní ọjọ́ tí wọ́n tà láìrà, ẹnì kan ti fi iye mìíràn yọ ọjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iye tí wọ́n tà á ni wọ́n fi yọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, 100 ni dípò náà sanwó rẹ̀ ní ₦10,000. Wọ́n fi 5 ta á lọ́rẹ. Owó ọkọ̀ àti ìjájà jẹ́ ₦11,500. Kéréètì 105 ló wọlé, ṣùgbọ́n ₦1,011,500 ni owó wọn. Ẹ rò ó mọ́ ₦430,000 tó wà lórí 50 tó ṣẹ́kù, ẹ pín in sí 155, ₦9,300 ló bọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 60 wọlé ní ₦10,600, owó ọkọ̀ ₦7,000. Ọjà tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ lọ́jọ́ náà, 40 péré, ìdí nìyẹn tí iye tuntun fi gbé àárín sókè lẹ́ẹ̀kan náà láti ₦9,300 dé ₦10,150. Bí 400 ló wà nílẹ̀ ni, 60 yẹn kì bá tí gbé e tó ₦200. Bí ọjà tàtijọ́ bá ti pọ̀ tó ni iye tuntun ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó hàn nínú ìwé.

Ẹni tó bá ń lo Excel kò ní láti fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn òpó tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà lórí káàdì náà, láti A dé H, kí ìlà 2 jẹ́ ọjà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Iye ọjà àti owó tó wọlé ni ẹ ó máa tẹ̀ sí B àti C, iye tó jáde sí D. Lórí ìlà 3, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sí E, F, G àti H, kí ẹ sì fà wọ́n wálẹ̀:

```
E3: =D3*H2
F3: =F2+B3-D3
G3: =G2+C3-E3
H3: =IF(F3>0,G3/F3,H2)
```

Ìlà kan fún rírà, ìlà kan fún títà. Ẹ má fi méjèèjì sórí ìlà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà ni, nítorí èyí tó ṣáájú láàárín wọn ló ń sọ iye tí ọjà tó jáde yóò gbé.

Nígbà tí oṣù parí, owó tó jáde lórí títà jẹ́ ₦1,290,000, ₦1,069,500 àti ₦710,500, àpapọ̀ ₦3,070,000 lórí 335 kéréètì. Ẹ dán an wò: ₦640,000 tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n rà jẹ́ ₦3,374,500. Ẹ yọ ₦304,500 tó kù kúrò, ₦3,070,000 ló ṣẹ́kù. Ó bára mu. Bí 150 àkọ́kọ́ bá lọ ní ₦9,600, 115 ní ₦10,400, 70 ní ₦11,300, owó títà jẹ́ ₦3,427,000, èrè orí ọjà sì jẹ́ ₦357,000. Nínú ₦357,000 yìí ni owó ilé, owó ọmọ iṣẹ́ àti owó iná yóò ti jáde.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù?

Ohun tí mo fi hàn lókè ni kí a tún àárín ṣe nígbàkígbà tí ọjà bá wọlé. Ọ̀nà kejì wà tó rọrùn fún ẹni tí kì í kọ títà sílẹ̀ lójoojúmọ́: kí ó dúró di ìparí oṣù, kó kó gbogbo owó ìrajà oṣù náà àti ti ọjà ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀, kó pín in sí gbogbo kéréètì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. ₦3,374,500 sí 365 jẹ́ ₦9,245 àti díẹ̀. Lọ́nà yìí, 30 tó kù yóò jẹ́ nǹkan bí ₦277,400 dípò ₦304,500, èrè oṣù náà á sì fi nǹkan bí ₦27,100 kéré sí ti ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ìlànà ìṣirò àgbáyé tó kan ọjà, IAS 2, gba ọ̀nà méjèèjì. Ó gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú, pé kí a kà á sí pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Bí a bá lo ìyẹn, 30 tó kù yóò jẹ́ lára 60 ìkẹyìn nìkan, ₦321,500 ni wọn, èrè á sì fi ₦17,000 ju ti káàdì wa lọ. Ohun tí ìlànà náà kò gbà mọ́ láti ọdún 2005 ni pé kí a kà á pé èyí tó wọlé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlànà àgbáyé láti ọdún 2012, Nigerian Breweries sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ọdọọdún rẹ̀ pé iye àárín oníwọ̀n ni òun fi ń ka àwọn ohun èlò àti ẹ̀yà ẹ̀rọ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ìyọjà ní èbúté. Ọ̀nà kan náà ni onídípò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń tẹ̀ bó bá lo káàdì yìí.

Ní tèmi, níbi tí iye ti ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò tó. Kéréètì tó lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án kò mọ ohunkóhun nípa ₦10,600 ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, síbẹ̀ ìṣirò ìparí oṣù yóò dì í rù ú. Ẹ kò sì ní mọ èrè yín títí oṣù yóò fi parí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dúró tì í. Ẹni tó ń lo ọ̀kan lóṣù yìí, tó ń lo òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, lè mú èrè rẹ̀ gùn tàbí kúrú bó ṣe wù ú, báńkì tó fẹ́ yá a lówó àti àwọn tó ń gba owó orí kò sì ní gbà á gbọ́.

Iye àárín kọ́ ni iye tí a fi ń tà

Èyí ni mo fẹ́ kí onídípò kọ sára ògiri. Iye àárín ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀: owó tí ẹ ti ná. Kò sọ owó tí ẹ máa ná láti rọ́pò ọjà náà. Nígbà tí iye ń gòkè, ó máa ń kéré sí iye tuntun, nítorí owó àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Dípò náà ta kéréètì ní ₦11,300, ìwé sì sọ pé ₦10,150 ló ná wọn, èrè ₦1,150. Inú ìyá onídípò dùn. Ṣùgbọ́n kéréètì tó máa fi rọ́pò rẹ̀, bí iye ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá ṣì dúró, jẹ́ ₦643,000 sí 60, ìyẹn nǹkan bí ₦10,717. Nínú ₦1,150 yẹn, ₦583 péré ló lè ná kó ṣì ní kéréètì kan fún kéréètì kan. Ìyókù gbọ́dọ̀ padà sínú ọjà. Bó bá ná an tán, èrè yóò wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní oṣù tó ń bọ̀ kéréètì tí owó rẹ̀ lè rà á ti dín kù. Báyìí ni dípò ṣe ń gbẹ láìmọ ohun tó ń gbẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ ní òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà tí ẹ ó kọ iye ìrajà tó dé kẹ́yìn sí, owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Òpó yẹn ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ iye títà. Iye àárín ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ èrè oṣù àti iye ọjà tó wà nílẹ̀. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ń fẹ̀ sí i, ó túmọ̀ sí pé iye ń sáré ju ọjà tí ẹ ní lọ.

Bí káàdì bá ti yà

Àmì kan wà tí kì í purọ́. Lẹ́yìn ìrajà kọ̀ọ̀kan, iye àárín tuntun gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín iye àtijọ́ àti iye tí ẹ fi ra tuntun. Láti ₦8,600 pẹ̀lú ọjà tuntun tó bọ́ sí nǹkan bí ₦9,633, àárín kò lè di ₦9,800, kò sì lè di ₦8,400. Bó bá bọ́ síta, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni kíkọ títà ṣáájú rírà. Ọkọ̀ dé láàárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ínfọ́ìsì kò dé títí di alẹ́. Ìwé wá fi hàn pé 20 ló wà nílẹ̀ tí wọ́n sì ta 35, ó ku ìdín 15. Bí 100 bá wọlé lẹ́yìn náà, ìdín 15 ní iye àtijọ́ yóò pàdé 100 ní iye tuntun, àárín yóò sì ju iye tuntun gan-an lọ. Kọ̀ǹpútà kò ní bá yín jiyàn, yóò kàn ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjà sílẹ̀ bó ṣe ń bọ́ láti inú ọkọ̀, kí ẹ fi iye tí ẹ mọ̀ sí i, bí ínfọ́ìsì bá wá dé pẹ̀lú iye mìíràn, kí ẹ tún ìlà náà ṣe.

Ọjà tó padà bọ̀ náà ń da àárín rú. Kéréètì tí oníbàárà bá dá padà gbọ́dọ̀ wọlé ní iye àárín tó fi jáde, kì í ṣe ní iye tí ẹ tà á fún un. Èyí tí ẹ̀yin bá dá padà fún alágbàtà yóò jáde ní iye tí ẹ fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì pín owó tó kù sí kéréètì tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíkà. Káàdì wa sọ pé 30 ló kù. Wọ́n kà á, 29 ni wọ́n bá, ọ̀kan fọ́ níbi ìjájà. Ẹ yọ ọ́ ní ₦10,150, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ òfò, kì í ṣe sábẹ́ títà. Ẹ má ṣe dọ́gbọ́n pín ₦304,500 sí 29 kí owó lè dúró, nítorí ₦10,500 ni yóò jẹ́, èyí tí kéréètì kankan kò ná yín. 29 ní ₦10,150 jẹ́ ₦294,350.

Ọ̀nà yìí kò bá gbogbo ọjà mu. Ní ọjà Ọdúnadé ní Orílé, oníṣòwò tó ń ta táìlì mọ̀ pé páálí méjì tí orúkọ wọn jọra lè yàtọ̀ ní àwọ̀ bí wọn kì í bá ṣe àṣejáde kan náà, oníbàárà kò sì ní fi ọ̀kan parí iṣẹ́ tó fi òmíràn bẹ̀rẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní láti ní káàdì fún àṣejáde kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta ohun tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bí ère gbígbẹ́ tàbí àga tí wọ́n kan fún ẹnì kan pàtó, kò nílò àárín rárá: iye tí ó fi ra ohun yẹn gan-an ni yóò kọ.

Bí ọjà kò bá tó iye tí ìwé pè é

Nígbà tí àárín bá ti jáde, ìbéèrè kan ṣì kù ní ìparí oṣù: ṣé ọjà náà lè mú iye yẹn wá? Ìlànà sọ pé èyí tó kéré jù nínú iye tí ó ná yín àti iye tí ẹ lè rí lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Nínú 29 tó wà nílẹ̀, ká ní 8 ló ti súnmọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Oníbàárà yóò san ₦9,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ná ₦200 láti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. ₦8,800 ló kù, èyí kéré sí ₦10,150 pẹ̀lú ₦1,350. Lórí 8, ₦10,800 ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦294,350, kí ẹ kọ ₦283,550 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tó wà nílẹ̀, kí ₦10,800 wọ inú òfò oṣù náà. 21 tó kù dúró ní ₦10,150, oṣù tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì méjì: 21 lórí káàdì kan, 8 lórí káàdì tirẹ̀ títí wọn yóò fi tán.